Ọ̀rọ̀ ní 750,000, nọ́ńbà ní 850,000: èwo la fẹ́ gbà nínú ìwé lóònù yìí?

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí n'Íbàdàn. Yorùbá la fi ń kọ ìwé lóònù wa, torí ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú wa. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, a yá télọ̀ kan lówó kó fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun. Gbólóhùn tó wà nínú ìwé náà nìyí, bí mo ṣe rí i ni mo ṣe dà á kọ:

"Mo gba ẹ̀yáwó ₦850,000 (Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti àádọ́ta náírà) lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo owó náà, n ó sì san án tán láàárín oṣù mẹ́wàá."

Ó ti ń san ₦93,500 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́jọ, kò sì yẹ̀ rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé ìwé tọwọ́ rẹ̀ wá, ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kà á síta." Mo kà á. Ojú tì mí. Ó ní 750,000 lòun yá, pé èlé rẹ̀ 75,000, àpapọ̀ 825,000. Òun sì ti san 748,000, ó ku 77,000. Tiwa ní 935,000 ni àpapọ̀, ó ku 187,000.

Èèyàn mẹ́rin ló yẹ ìwé yẹn wò kí wọ́n tó buwọ́ lù ú: èmi, akápò, alága, àti òun fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i. Èwo ló dúró? Báwo la ó sì ṣe máa ka irú ìwé yìí tí a ò fi ní máa gbójú fò ó?

Òfin Ni

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Òfin ni pé bí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà bá ta kora, ọ̀rọ̀ ló lékè. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Ẹ gba 77,000 lọ́wọ́ ọkùnrin náà kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹgbẹ́ ló ṣàṣìṣe, ẹgbẹ́ ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Aláṣọ Gbági

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi! Oníbàárà kan fún mi ní ṣẹ́ẹ̀kì lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà rẹ̀ 320,000, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún àti méjì. Báńkì dá a padà, wọ́n ní kó lọ kọ òmíràn wá. Ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí owó mi gbà. Akọ̀wé, ẹ má gba ṣẹ́ẹ̀kì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, kó kọ tuntun.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé, Màámi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì. Ìwé àdéhùn ni, a sì ti kó owó náà fún un tipẹ́.

Ìyá Àyẹ̀wò

Mo ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún nínú yàrá ìwé ẹ̀yáwó ní báńkì kan l'Ékòó kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé bí èyí ni mo fi ojú mi jẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Òfin Ni, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Òfin tẹ́ ẹ ń sọ wà lóòótọ́: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1882, tí tiwa ní Nàìjíríà tẹ̀ lé. Abala 9 rẹ̀ ní bí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà bá yàtọ̀, iye tí ọ̀rọ̀ sọ ni kí wọ́n san. Ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì, ìwé ìlérí owó àti irú wọn ni òfin yẹn ń ṣàkóso. Ìdí tó fi le bẹ́ẹ̀ ni pé ṣẹ́ẹ̀kì máa ń kọjá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tí ẹni méjì àkọ́kọ́ jọ sọ. Ojú ìwé nìkan ló ní. (Ti Màámi Gbági, báńkì lè dá a padà láìṣẹ̀ sí òfin náà, torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́la.)

Ìwé àdéhùn tí ẹni méjì jókòó kọ síra wọn yàtọ̀. Níbẹ̀, bí ilé ẹjọ́ bá bá ìtakora pàdé, àṣà wọn ni láti fi ojú rere wo ọ̀rọ̀ ju nọ́ńbà lọ, torí ọwọ́ lè yọ̀ lórí òdo kan ju kó yọ̀ lórí odindi ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe òpin. Wọn á ka ìwé náà látòkè délẹ̀, wọn á wò ó bóyá apá yòókù fi ohun tí wọ́n ní lọ́kàn hàn.

Nítorí náà, Akọ̀wé, ẹ dá mi lóhùn: èló gan-an ló wọ àkáǹtì télọ̀ náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kówó fún un? Ṣé ìwé náà ní ètò ìsanwó tí ẹ kọ oṣù kọ̀ọ̀kan sí? Àwọn onídùúró ńkọ́, kí ni wọ́n buwọ́ lù?

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, Màámi. Mo lọ tú fáìlì jáde.

₦841,500 ló wọ àkáǹtì rẹ̀. A yọ ₦8,500 fún fọ́ọ̀mù, tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ètò ìsanwó wà ní ojú ìwé kejì: ₦93,500 lẹ́ẹ̀mẹwàá, àpapọ̀ ₦935,000, ó sì buwọ́ lu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Onídùúró méjì ló wà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù onídùúró wa, ọ̀rọ̀ nìkan là ń kọ síbẹ̀, kò sí nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dà síbẹ̀.

Ará Houston

Ẹ má fojú kéré ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Òfin Ni sọ o. Níbí ní Texas, ẹjọ́ kan wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwé ilé àti ilẹ̀ kì í gbàgbé. Báńkì yá àwọn kan lówó. Nọ́ńbà inú ìwé ìlérí owó náà jẹ́ $1,700,000. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún méje dọ́là. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fò "hundred" dá lẹ́yìn "seven", ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin wá di ẹgbẹ̀rún méje. Nígbà tí wàhálà dé, tí ẹni tó ra gbèsè náà lọ́wọ́ báńkì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé owó ṣì kù, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Houston dájọ́ ní 2015 pé ọ̀rọ̀ ló lékè: $1,007,000 ni gbèsè náà. Ìyàtọ̀ $693,000 wọlẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni wọ́n yá.

Òfin Ni

Ẹ ò rí i? Mo ti wí.

Ìyá Àyẹ̀wò

Mo mọ ẹjọ́ yẹn, ó sì dára tẹ́ ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti yàtọ̀. Ìwé ìlérí owó nìyẹn, òfin tó dà bí ti ṣẹ́ẹ̀kì ló sì dè é. Èkejì, ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ náà kò rújú: ẹgbẹ̀rún méje ni ẹgbẹ̀rún méje, kò sí bí ẹ ṣe lè kà á tí yóò di nǹkan mìíràn.

Ó yá, ẹ padà síbi gbólóhùn Akọ̀wé. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti àádọ́ta náírà." Ta ló sọ pé 750,000 nìyẹn? Ẹ kà á bí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin: 700,000. Àti àádọ́ta náírà: 50. Ìyẹn 700,050. Télọ̀ fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà. Òun náà fi làákàyè tún un ṣe kó tó di 750,000. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè kà sí ọ̀nà méjì kò lágbára tí yóò fi borí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kò rújú, pàápàá nígbà tí ètò ìsanwó, owó tó wọ àkáǹtì, àti ìdá kan owó fọ́ọ̀mù jọ ń tọ́ka sí 850,000. Ó tún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ san 93,500 lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Lójú tèmi, 850,000 ló dúró láàárín ẹgbẹ́ àti télọ̀. Ti àwọn onídùúró ló ń kọ mí lóminú. N ó padà síbẹ̀.

Bàbá Onírìrò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó di àgbà. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò mọ ìṣirò Yorùbá dáadáa, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí ìṣirò wa ní ibi tó ti ń yọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo "ẹ̀ẹ́dẹ́". Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé ọgọ́rùn-ún kúrò. Ẹgbẹ̀rin jẹ́ 800, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin wá di 700. Ẹgbẹ̀ta jẹ́ 600, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta di 500. Ẹnu a máa gbé "ẹ̀ẹ́dẹ́" mì bí a bá ń sáré sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn a sì máa fi í kún un níbi tí kò sí. Nínú ìwé lóònù, ègé kékeré yẹn jẹ́ 100,000.

Èyí tó burú jù ni "lé" àti "dín". Láyé tiwa, 850 ni àádọ́ta lé lẹ́gbẹ̀rin. 750 ni àádọ́ta dín lẹ́gbẹ̀rin. Ẹ fojú wò wọ́n: àádọ́ta kan náà, ẹgbẹ̀rin kan náà, àfi ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pe 850 lọ́nà àtijọ́, kí ẹni tó ń tẹ̀wé gbọ́ "dín", kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti àádọ́ta. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí o.

Bí èmi bá ń kọ ọ́, ọ̀kẹ́ méjìlélógójì àbọ̀ ni n ó kọ. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú.

Atẹ̀wé Ṣágámù

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, yóò rú gbogbo wa lójú! Ẹni ogójì ọdún wo ló mọ ọ̀kẹ́ méjìlélógójì àbọ̀? Télọ̀ á ní àpò mélòó nìyẹn.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé lóònù láti orí òfo. Ti ẹni àná là ń ṣí, a ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, a ó fi ti ẹni òní sí i, a ó yí nọ́ńbà padà. Nọ́ńbà ló ń fojú hàn, ọ̀rọ̀ máa ń fara pa mọ́ sínú àkámọ́. Akọ̀wé, ẹ lọ wo ẹni tó yá owó ṣáájú télọ̀. Mo lè fi aṣọ mi ta tẹ́tẹ́ pé 750,000 ló yá.

Gẹ̀ẹ́sì rọrùn díẹ̀, torí Wọ́ọ̀dù lè fúnra rẹ̀ yí nọ́ńbà padà sí ọ̀rọ̀. Ẹ ó tẹ Ctrl+F9 kí àkámọ́ náà jáde, ẹ ó kọ èyí sínú rẹ̀, ẹ ó wá tẹ F9:

```
=850000 \* CardText
```

Àmọ́ kò kọjá 999,999. Tó bá ti di mílíọ̀nù kan, àṣìṣe ni yóò kọ síbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀, ọwọ́ lẹ ó sì padà fi kọ ọ́. Ibi tí owó ti pọ̀ jù gan-an ló ti ń já wa kulẹ̀. Kò sì gbọ́ Yorùbá.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Atẹ̀wé, àfi bí ẹni pé ẹ wà ní ọ́fíìsì wa. Mo wo fáìlì. Ìyá kan tó ń ta ata ló gba lóònù ṣáájú rẹ̀, ₦750,000. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà, ló wà nínú tiwọn. Nínú tiwọn gan-an, tá a bá tẹ̀ lé ohun tí Màámi sọ, 700,050 la kọ!

Màámi, ẹ wá kọ́ wa bá a ṣe ń ka ìwé náà.

Ìyá Àyẹ̀wò

Ìdí tí èèyàn mẹ́rin fi ka ìwé yín tí wọn ò rí nǹkan ni pé gbogbo yín mọ̀ ṣáájú pé 850,000 ni. Ojú rí nọ́ńbà, ọkàn ti pè é, nígbà tí ojú fi dé inú àkámọ́, kò ka nǹkan kan mọ́; ohun tó ti mọ̀ ló ń rántí. Ẹ lè fún èèyàn mẹ́wàá kún un, bákan náà ni wọn yóò ṣe gbójú fò ó.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ojú rí nọ́ńbà kọ́kọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi ìwé pélébé bo nọ́ńbà. Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí lóònù náà ni kí ẹ pè, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín tó o. Kó ka ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ síta, kó sì kọ ohun tó gbọ́ ní nọ́ńbà sórí bébà lásán. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣí nọ́ńbà. Ká ní ẹ ṣe èyí fún ìwé télọ̀, ọmọ náà á kọ 700,050, tàbí kó dúró kó bi yín pé, "Àádọ́ta náírà tàbí àádọ́ta ẹgbẹ̀rún?" Ìbéèrè yẹn gan-an la ń wá. Ibi tí òǹkàwé bá ti dúró bi yín léèrè, ẹ tún un kọ, kódà bí ẹ̀yin bá rò pé ó yé yín.

Nígbà tí ẹ bá ń pe nọ́ńbà, ẹ pè é lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹẹ́jọ, aárùn-ún, òdo mẹ́rin. Ẹ má pè é ní odindi, torí odindi ni ọkàn fi ń tan ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ ka iye ìgbà tí owó náà fara hàn. Nínú ìwé yín, ó kéré tán ó wà níbi mẹ́fà: ìwé ìbéèrè lóònù, ojú ìwé kìíní àdéhùn, ètò ìsanwó, fọ́ọ̀mù onídùúró méjèèjì, àti ìwé tí akápò fi kówó jáde. Ẹ kọ ohun tí ibi kọ̀ọ̀kan sọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ sì máa ṣírò padà láti inú ètò ìsanwó: 93,500 lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ 935,000; ẹ pín in sí 1.1, ó di 850,000. Bí ìṣirò yẹn kò bá gbé yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe wà níbì kan, bí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tilẹ̀ bára mu. Mo ti rí ìwé tí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà bára mu dáadáa, tí àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ti oníbàárà àná.

Nípa bí ẹ ó ṣe máa kọ ọ̀rọ̀: ẹ pe ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà péré." Ó gùn, kò sì dùn létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kà á sí 800,050.

Bàbá Onírìrò

Kò dùn létí lóòótọ́. Àádọ́ta lé lẹ́gbẹ̀rin ṣì ni Yorùbá gidi. Ṣùgbọ́n n ò ní bá yín jà, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tójú yín ń rí nílé ẹjọ́.

Ọmọ Alájẹṣẹ́kù

Ẹgbẹ́ tiwa ti yanjú gbogbo èyí pẹ̀lú gbólóhùn kan tí a fi sí ìsàlẹ̀ ìwé: "Bí iye tí a fi ọ̀rọ̀ kọ bá yàtọ̀ sí iye tí a fi nọ́ńbà kọ, ti ọ̀rọ̀ ni a ó tẹ̀ lé." Ó parí. Ẹ ò nílò kí ọmọ kankan máa bo nọ́ńbà.

Ìyá Àyẹ̀wò

Ọmọ mi, bí gbólóhùn yẹn bá ti wà nínú ìwé Akọ̀wé ni, télọ̀ ì bá ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ti fọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rí yòókù. Gbólóhùn náà kì í tún àṣìṣe ṣe. Ó kàn ń yan ẹni tí àṣìṣe yóò ṣubú lé lórí ni, nígbà tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń tẹ̀wé ń gbàgbé láti yí padà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ló máa ń ṣubú lé. Bí ẹ bá fẹ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dandan, ẹ kọ pé iye tí ẹgbẹ́ san jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé báńkì ṣe fi hàn, pẹ̀lú owó fọ́ọ̀mù tí a yọ, ni a ó tẹ̀ lé. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé.

Òfin Ni

Mo gbà díẹ̀ nínú ohun tí Màámi sọ. Ṣùgbọ́n kókó kan ṣì wà: ẹgbẹ́ ló kọ ìwé náà. Ilé ẹjọ́ máa ń túmọ̀ ohun tó bá rújú lòdì sí ẹni tó kọ ọ́. Télọ̀ kò tẹ ohunkóhun.

Ìyá Àyẹ̀wò

Èyí tẹ́ ẹ sọ yìí lágbára, mi ò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìgbà tí gbogbo ọ̀nà ìtumọ̀ yòókù bá ti parí ni wọ́n máa ń lò ó, mo sì rò pé owó tó wọ àkáǹtì ti yanjú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ mìíràn lè wò ó bí ẹ ṣe wò ó.

Aláṣọ Gbági

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé tiwa ní "èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún" bíi ti Akọ̀wé, ṣùgbọ́n tiwa kò sọ bóyá oṣooṣù ni tàbí lórí gbogbo ẹ̀. Ṣé ìyẹn náà wà lára ohun tẹ́ ẹ ń sọ?

Atẹ̀wé Ṣágámù

Màámi, òmíràn nìyẹn, ó sì burú ju èyí lọ. Ẹ má tíì buwọ́ lù ú o.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a dé. A pe télọ̀ jókòó lánàá pẹ̀lú ìwé báńkì rẹ̀ àti ètò ìsanwó. Mi ò bá a jà. Mo ní kó ka ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ fún mi ní nọ́ńbà. Ó kọ 750,000. Ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá, tí kò rí ìwé náà rí, kọ 700,050. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé 850,000 lòun yá.

Alága ti gbé gègé pé òun fẹ́ pa "ẹ̀ẹ́dẹ́" rẹ́ lórí ìwé náà. Mo gba gègé lọ́wọ́ wọn. Ṣé mo ṣe dáadáa?

Ìyá Àyẹ̀wò

Ẹ ṣe dáadáa gan-an. Ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù, bí ẹnì kan nínú wọn bá fọwọ́ kan iye owó inú rẹ̀ láìsí ìmọ̀ ẹnì kejì, ó lè ba gbogbo ìwé náà jẹ́. Ẹ ó wá di ẹni tó ń ṣàlàyé ìdí tí yíǹkì fi jẹ́ méjì. Bí wọn ò bá tíì buwọ́ lù ú ni ẹ lè fa ìlà kan kọjá lórí ọ̀rọ̀ tó ṣì, kí ẹ kọ èyí tó tọ́ sókè, kí gbogbo wọn sì buwọ́ kékeré lù ú pẹ̀lú déètì. Funfun ìpàwérẹ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Tún un tẹ̀ ló dára jù nígbà yẹn.

Nísinsìnyí, ìwé àtúnṣe lọ́tọ̀ ni kí ẹ kọ: kó dárúkọ àdéhùn àkọ́kọ́ àti déètì rẹ̀, kó da gbólóhùn tó ṣì kọ bó ṣe wà, kó sọ pé àṣìṣe ìwé títẹ̀ ni, kó kọ èyí tó tọ́. Kí gbogbo àwọn tó buwọ́ lu ti àkọ́kọ́ tún buwọ́ lù ú. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ẹ rántí pé òfin wà láwọn ìpínlẹ̀ wa tó ní kí ẹni tó kọ ìwé fún un kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sì kà á fún un ní èdè tó gbọ́. Ẹ fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú fáìlì bó ṣe wà, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀.

Àwọn onídùúró ńkọ́?

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Onídùúró kìíní ti ní òun á buwọ́ lù ú. Èkejì, bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe, kọ̀. Wọ́n ní ohun tí wọ́n kà fún àwọn lọ́jọ́ náà ni àwọn dúró fún, àwọn ò sì rí nọ́ńbà kankan, òótọ́ sì ni, torí kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, 750,000 ni, kò lé.

Ìyá Àyẹ̀wò

Bàbá yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò sí ètò ìsanwó lára fọ́ọ̀mù tiwọn, owó kò wọ àkáǹtì wọn, nítorí náà gbogbo ẹ̀rí tó gbà yín lọ́wọ́ télọ̀ kò tó wọn lọ́wọ́. Ohun tí onídùúró buwọ́ lù gan-an ni wọ́n sì máa ń dè é mọ́, wọn kì í fẹ̀ ẹ́ sí i. Bí ẹ bá tún yí àdéhùn padà láìsí ìfọwọ́sí wọn, wọ́n lè sọ pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ kọ sínú ìwé àtúnṣe pé a kò fi kún ohun tí télọ̀ jẹ rí, pé ọ̀rọ̀ la kàn ń tún ṣe, kí ẹ má sì fipá mú bàbá buwọ́ lù ú.

Òfin Ni

Tàbí kí wọ́n ní 700,050 làwọn dúró fún. Ó ṣe tán, ohun tí wọ́n kà fún wọn nìyẹn.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá rí èyí.

Télọ̀ ní òun á san oṣù méjì tó kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá sílé òun. Ìpàdé wa di Sunday. Mo ti tú fáìlì lóònù mẹ́tàdínlógún jáde, mo ní ìwé pélébé lọ́wọ́, ọmọ àbúrò mi ló ń kàwé. A ti ka mẹ́fà, a ti rí méjì.